Iyùn ni àbí rọ́bà? Bí a ṣe ń ka fọ́tò ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn

Lásìkò ìgbéyàwó, fọ́tò ìlẹ̀kẹ̀ ló sábà máa ń ṣáájú ìlẹ̀kẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tó ń tà á á fi fọ́tò ránṣẹ́ sórí fóònù, á ní ojúlówó iyùn ni, á sì dárúkọ iye tó fẹ́ gbà. Ẹni tó fẹ́ rà á á fẹ fọ́tò náà tóbi, á wò ó síwá sẹ́yìn, á tún fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kí wọ́n bá òun wò ó. Bẹ́ẹ̀ náà ló ń rí nínú ẹbí tí ìyá àgbà fi ìlẹ̀kẹ̀ sílẹ̀ nínú àpótí. Àwọn ọmọ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù á ní kí àwọn tó wà nílé ya fọ́tò rẹ̀ wá, kí wọ́n lè mọ ohun tí wọ́n fẹ́ pín. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bi fọ́tò náà: ṣé iyùn ni, ṣé gíláàsì ni, ṣé áńbà ni, àbí rọ́bà?

Fọ́tò lè dáhùn ìbéèrè yìí dé ìwọ̀n kan, bí a bá mọ ibi tó yẹ ká tẹjú mọ́. Iyùn hù nínú òkun. Iná ló yọ́ gíláàsì. Áńbà jẹ́ oje igi tó gbẹ sínú ilẹ̀ fún àìmọye ọdún. Rọ́bà sì jẹ́ ohun tí wọ́n dà sínú mọ́ọ̀dù. Bí wọ́n ṣe dá ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan fi àmì sí i lára, àmì yẹn kì í sì í tètè parẹ́. Òun ni a ń wá nínú fọ́tò.

Àwọ̀ nìkan ò tó

Ohun àkọ́kọ́ tí ojú ń wò ni àwọ̀, òun náà ló sì rọrùn jù láti fi tan ojú jẹ. Ó ti pẹ́ tí àwọn tó ń ṣe gíláàsì ní Fẹ́nísì nílẹ̀ Ítálì àti ní Bòhímíà, tó wà ní orílẹ̀-èdè Ṣẹ́ẹ̀kì lónìí, ti ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ pupa fún ọjà Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Wọ́n mọ pupa tí a fẹ́ràn. Rọ́bà sì lè gba àwọ̀ èyíkéyìí tí wọ́n bá pò mọ́ ọn.

Fóònù tún máa ń yí àwọ̀ padà. Lábẹ́ gílóòbù tí iná rẹ̀ pọ́n, iyùn tó jọ òdòdó á dà bí ọsàn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé lọ́jọ́ tí ojú ọ̀run ṣú, ìlẹ̀kẹ̀ kan náà á ṣókùnkùn bí ẹ̀jẹ̀. Kámẹ́rà á sì tún fi ọgbọ́n tirẹ̀ mú àwọ̀ náà tàn sí i kí fọ́tò lè wu ojú. Ojúlówó iyùn pàápàá kì í ní àwọ̀ kan ṣoṣo: ó wà láti funfun, dé èyí tó rí bí ọsàn, títí dé pupa tó jinlẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé “ó pọ́n jù, kò lè jẹ́ iyùn” tàbí “pupa rẹ̀ dùn, iyùn ni” kò tíì wo nǹkan kan.

Ohun tí àwọ̀ lè ràn wá lọ́wọ́ lé lórí ni ìyàtọ̀ láàárín ìlẹ̀kẹ̀ kan àti èkejì lórí okùn kan náà. Iná kan náà ló tàn sí gbogbo wọn, nítorí náà bí ọ̀kan bá dúdú ju èkejì lọ díẹ̀, tí òmíràn ní àbàwọ́n funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìyàtọ̀ yẹn kì í ṣe ti kámẹ́rà. Ohun tó bá hù fúnra rẹ̀ kì í dọ́gba délẹ̀délẹ̀. Okùn tí ogójì ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ bá ní pupa kan náà láìsí ìyàtọ̀ rárá yẹ kó mú ìfura wá. Ìfura lásán ni o, torí pé oníṣòwò tó lówó lè ṣa iyùn tó bára mu.

Àmì tí ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan gbé wá

Ká bẹ̀rẹ̀ lórí iyùn. Àwọn ẹ̀dá kéékèèké inú òkun ló ń kọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí egungun, ó sì ń yọ ẹ̀ka bí igi. Irú èròjà tó wà nínú karawun ìgbín ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Èyí tó lókìkí jù fún ìlẹ̀kẹ̀ pupa ń wá láti inú òkun Mẹditaréníà, ìlú Torre del Greco lẹ́gbẹ̀ẹ́ Nápólì sì lókìkí fún gígé àti dídán rẹ̀. Láti ìparí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún tí àwọn ará Pọtogí ti bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọ̀dọ̀ Ọba Bìní, iyùn wà lára ọjà tí wọ́n ń kó wá sí etíkun wa, ààfin Bìní àti àwọn ààfin ilẹ̀ Yorùbá sì sọ ọ́ di ohun ọlá.

Nítorí pé ẹ̀ka ni, iyùn ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń lọ ní gígùn ẹ̀ka náà. Ìlà wọ̀nyí sún mọ́ra gan-an: bíi méjì tàbí mẹ́ta ló máa ń wà nínú mìlímítà kan. Lára ìlẹ̀kẹ̀ gígùn tí wọ́n gé ní ìbámu pẹ̀lú ẹ̀ka, ìlà náà á máa lọ láti ojú ihò kan sí ìkejì. Bí a bá wo ojú ihò tààrà, a lè rí ìlà tó ń jáde láti àárín lọ sí etí. Ní àfikún, iyùn máa ń ní ihò wẹ́wẹ́ tí kòkòrò inú omi dá sí i lára, àti àbàwọ́n funfun ní ibi tí ọ̀kán ẹ̀ka náà wà. Bí ó bá sán, ibi tó sán kì í dán.

Irú iyùn mìíràn wà tí ọjà kún fún lónìí. Egungun rẹ̀ funfun tẹ́lẹ̀, wọ́n wá fi aró pa á láró pupa. Ìlà tirẹ̀ tóbi, ó sì jìnnà síra tó bẹ́ẹ̀ tí a lè kà á láìlo dígí, aró náà sì máa ń gbá jọ sínú ẹsẹ̀ ìlà àti yíká ojú ihò. Ẹni tó bá pe èyí ní iyùn kò purọ́, nítorí inú òkun lòun náà ti hù. Àmọ́ owó rẹ̀ kéré gan-an sí ti pupa Mẹditaréníà, nítorí náà ó yẹ kí olùrà mọ èyí tó ń sanwó fún.

Gíláàsì ní tirẹ̀ ti ṣàn kó tó le. Bí wọ́n bá fi irin wé e nígbà tó ṣì rọ̀, ìlà rẹ̀ á yí ihò ká, yàtọ̀ sí ti iyùn tó ń lọ ní gígùn. Bí wọ́n bá nà án bí ọ̀pá kí wọ́n tó gé e, ìlà rẹ̀ á lọ ní gígùn, èyí sì ni ibi tí ó ti lè tan ojú jẹ. Ṣùgbọ́n ìlà ọ̀pá gíláàsì kì í dọ́gba. Ọ̀kan á nípọn, èkejì á tín-ín-rín, a sì lè rí afẹ́fẹ́ tó há sáàárín wọn tó gùn bí abẹ́rẹ́. Afẹ́fẹ́ tó há sínú gíláàsì tí wọ́n wé máa ń rí róbótó. Ibi tí gíláàsì bá ti sán ló ń tú àṣírí rẹ̀ jù: ó máa ń kó sínú díẹ̀ bí inú ṣíbí, ó sì máa ń dán yinrin.

Gíláàsì pupa kan wà tí ó yẹ ká dá mọ̀ dáadáa, èyí tí àárín rẹ̀ funfun tí ara rẹ̀ pupa. Wọ́n ṣe é lọ́pọ̀lọpọ̀ ní Fẹ́nísì, ó sì wọ́pọ̀ nínú ìlẹ̀kẹ̀ àtijọ́ ní Áfíríkà. Bí a bá wo ojú ihò rẹ̀, a ó rí òrùka funfun tí pupa yí ká, ààlà àárín wọn á sì mọ́ kedere. Àwọn kan á rí funfun yẹn, wọ́n á ní ọ̀dà ló bó lára rọ́bà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀dà tó bó máa ń ní etí jágajàga, ó sì máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí okùn ti ń ha á. Òrùka gíláàsì wà lójú ihò méjèèjì, ó sì rí bákan náà lára gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ irú rẹ̀ tó wà lórí okùn.

Áńbà ni oje igi ìgbà láéláé tó ti le. Èyí tó lókìkí jù ń wá láti etí òkun Bọ́tíìkì ní àríwá Yúróòpù. Inú rẹ̀ kì í dọ́gba: apá kan á mọ́ gaara, apá kejì á ṣú bí ìkúùkù, méjèèjì á sì wọnú ara wọn láìsí ààlà kan pàtó. Bí ó bá ti pẹ́, ara rẹ̀ á sán wẹ́wẹ́ bí ilẹ̀ tó gbẹ lẹ́yìn òjò. Etí ihò rẹ̀ máa ń fọ́ díẹ̀díẹ̀, torí pé kò lágbára.

Ọ̀pọ̀ ìlẹ̀kẹ̀ ńláńlá aláwọ̀ òféèfèé tí à ń pè ní áńbà Áfíríkà, irú èyí tí àwọn obìnrin Fúlàní ń wọ̀ ní Málì, kì í ṣe oje igi. Ilé iṣẹ́ ní Yúróòpù ló ṣe wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ní 1907 ni Leo Baekeland ṣàwárí bí a ṣe lè ṣe irú rọ́bà líle kan tí iná kì í yọ́ padà, àwọn ìbátan rọ́bà yẹn ni wọ́n sì dà di ọ̀pá, tí wọ́n gé, tí wọ́n gbẹ́ ihò sí, tí wọ́n kó wá sọ́jà. Púpọ̀ nínú wọn ti dàgbà, wọ́n ti dán látàrí ọwọ́ àti òógùn, wọ́n sì níye lórí gẹ́gẹ́ bí ohun àtijọ́. Àmì wọn ni pé ara òde máa ń ṣókùnkùn ju inú lọ. Ibi tí ìlẹ̀kẹ̀ méjì bá ti ń ha ara wọn, tàbí etí ihò tó ti jẹ, á fi òféèfèé tó mọ́ jù hàn lábẹ́ àwọ̀ tó pọ́n. Tẹ̀súbáà tí wọ́n ń pè ní áńbà náà sábà máa ń jẹ́ irú rọ́bà yìí tàbí ti ìgbàlódé.

Rọ́bà ìgbàlódé ló rọrùn jù láti mú. Wọ́n dà á sínú mọ́ọ̀dù onílẹ̀kùn méjì, ibi tí ilẹ̀kùn méjèèjì ti pàdé sì máa ń fi ìlà kan sílẹ̀, yálà yíká àárín ìlẹ̀kẹ̀ tàbí láti ihò dé ihò. Ihò rẹ̀ máa ń mọ́lẹ̀ jù, kì í ní àmì irin tí wọ́n fi lu. Rọ́bà tó fara wé iyùn tún ní àṣírí kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ò mọ̀. Nígbà mìíràn, wọ́n máa ń fi ojúlówó iyùn ṣe mọ́ọ̀dù, kí rọ́bà náà lè ní ihò kòkòrò àti ìlà. Bí ẹ bá rí ihò wẹ́wẹ́ kan tó rí bí ẹ̀wà, ẹ wá ìkejì rẹ̀ lára àwọn ìlẹ̀kẹ̀ tó kù. Kò sí ẹ̀ka iyùn méjì tí kòkòrò lè jẹ níbi kan náà, lọ́nà kan náà. Bí ìbejì bá wà lórí okùn, mọ́ọ̀dù ló bí wọn.

Fọ́tò tó yẹ ká béèrè

Fọ́tò kan tó gba gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn kò tó láti dájọ́. Ìlà iyùn tó jẹ́ méjì tàbí mẹ́ta nínú mìlímítà kan kò lè hàn nínú fọ́tò tí a yà láti ọ̀ọ́kán, àgàgà bí Wáàsápù bá tún ti dín fọ́tò náà kù kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Àìrí ìlà nínú irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ kò fi hàn pé ìlà kò sí. Kí ẹni tó ń fi ránṣẹ́ fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi Document, kí fọ́tò náà lè dé bí kámẹ́rà ṣe yà á.

Mẹ́rin ni ó yẹ ká béèrè lẹ́yìn ti àkọ́kọ́. Kí wọ́n gbé ìlẹ̀kẹ̀ náà sórí pépà funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé lọ́sàn-án, kí wọ́n pa iná kámẹ́rà, kí wọ́n sì gbé rúlà ọmọ iléèwé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nínú èkíní, kí wọ́n sún mọ́ ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó tò léra, kí a lè fi wọ́n wé ara wọn. Nínú èkejì, kí wọ́n ya ojú ihò, ní fífa okùn sẹ́yìn díẹ̀. Ìkẹta ni ti ìlẹ̀kẹ̀ tó bà jẹ́ jù lórí okùn, èyí tó sán tàbí tó ha. Àwọn tó ń tà á máa ń fi èyí pamọ́ nítorí pé kò lẹ́wà, bẹ́ẹ̀ òun ló ń sọ̀rọ̀ jù. Ìkẹrin, kí wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sẹ́yìn ìlẹ̀kẹ̀ kan nínú òkùnkùn. Iyùn tó nípọn kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá dáadáa. Áńbà àti ọ̀pọ̀ gíláàsì á tàn, afẹ́fẹ́ inú gíláàsì á sì hàn.

Bí kámẹ́rà fóònù ò bá lè sún mọ́ ọn kó má ṣe bàìbàì, kí wọ́n dúró níwọ̀n bàtà kan, kí wọ́n fi fóònù fà á súnmọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Fọ́tò tó jìnnà díẹ̀ tó mọ́ sàn ju èyí tó súnmọ́ tó ṣe bàìbàì lọ.

Fọ́tò òṣùwọ̀n

Ohun tí ojú ò lè rí nínú fọ́tò ni ìwúwo. Ṣùgbọ́n a lè ní kí wọ́n gbé ìlẹ̀kẹ̀ náà sórí òṣùwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń wọn nǹkan nínú ilé ìdáná, kí wọ́n sì ya fọ́tò nọ́ńbà tó bá gbé jáde. Rúlà inú fọ́tò àkọ́kọ́ á sọ bí ìlẹ̀kẹ̀ ṣe tóbi tó, ìṣirò á sì sọ ohun tó yẹ kó wọ̀n.

Ká sọ pé ogójì ìlẹ̀kẹ̀ pupa gígùn ló wà lórí okùn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní mìlímítà 10, tó sì gùn ní mìlímítà 12. Bí a bá yọ ihò kúrò, ọ̀kọ̀ọ̀kan á gba àyè tó dín díẹ̀ sí ti gíráàmù omi kan, gbogbo wọn lápapọ̀ á sì gba àyè bíi ti gíráàmù omi 36. Iyùn wúwo ju omi lọ ní ìlọ́po 2.65, nítorí náà okùn iyùn á wọ̀n bíi gíráàmù 95. Gíláàsì tó wọ́pọ̀ á wọ̀n bíi 90. Rọ́bà á wọ̀n láàárín 40 sí 50.

Ẹ wo ohun tí ìyẹn sọ. Òṣùwọ̀n ò lè ya iyùn sọ́tọ̀ kúrò lára gíláàsì, torí pé wọ́n súnmọ́ra jù, okùn àti ìkọ́ lásán sì lè dí àlàfo àárín wọn. Ṣùgbọ́n ó ya àwọn méjèèjì kúrò lára rọ́bà pátápátá. Bí nọ́ńbà tó jáde bá jẹ́ 45, ọ̀rọ̀ iyùn ti parí, bó ti wù kí pupa rẹ̀ dára tó. Bí ó bá jẹ́ 93, a ó padà sí ojú ihò àti ibi tó sán láti mọ̀ bóyá òkun ni tàbí iná. Rọ́bà tí wọ́n po ìyẹ̀fun òkúta mọ́ náà wà, ó sì lè wúwo. Ìdí nìyí tí òṣùwọ̀n fi lè já irọ́, tí kò sì lè fìdí òótọ́ múlẹ̀ fúnra rẹ̀ nìkan.

Áńbà ní òṣùwọ̀n tirẹ̀, omi iyọ̀ ni. Ẹ da iyọ̀ sínú ife omi, ẹ máa rò ó títí tí iyọ̀ kò fi ní yọ́ mọ́. Áńbà á léfòó nínú omi yìí. Rọ́bà líle àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní áńbà Áfíríkà á rì, gíláàsì náà á rì. Ìlẹ̀kẹ̀ kan ṣoṣo ni kí wọ́n yọ lórí okùn fún èyí, kí wọ́n ya fọ́tò ife náà láti ẹ̀gbẹ́, kí wọ́n sì fi omi tó mọ́ ṣan ìlẹ̀kẹ̀ náà lẹ́yìn rẹ̀. Oje igi tí kò tíì dàgbà tó áńbà á léfòó pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ náà ni oríṣi rọ́bà fúyẹ́ kan. Rírì ló dájú nínú àyẹ̀wò yìí. Lílefòó kàn ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ ni.

Okùn kan, ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́rin

Ẹ jẹ́ ká wá lo gbogbo èyí fún fọ́tò kan. Ká sọ pé ìyá kan ní Ìjẹ̀bú-Òde fi fọ́tò ìlẹ̀kẹ̀ tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ ránṣẹ́ sí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó mọ̀ nípa ìlẹ̀kẹ̀ ní Èkó. Ìlẹ̀kẹ̀ pupa gígùn mẹ́rìndínlógún ló wà lórí okùn náà, pupa róbótó mẹ́fà ló wà láàárín wọn, òféèfèé ńlá mẹ́ta sì wà níwájú. Ìyá náà kọ̀wé pé iyùn àti áńbà ni gbogbo rẹ̀, pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn ṣe ń gbọ́ ọ láti kékeré.

Fọ́tò àkọ́kọ́, abẹ́ iná gílóòbù lálẹ́ ni wọ́n ti yà á. Ohun mẹ́ta péré ló hàn. Àwọn pupa gígùn kò dọ́gba: àwọn kan tẹ̀ díẹ̀, ọ̀kan ní àbàwọ́n funfun. Àwọn róbótó dọ́gba. Àwọn òféèfèé tóbi bákan náà.

“Ẹ kú ilé o, àǹtí mi,” ni ọmọ náà dáhùn. “Ìlẹ̀kẹ̀ yìí dára. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé lọ́la, kí ẹ ya ojú ihò ọ̀kọ̀ọ̀kan àti èyí tó bá sán. Ẹ má fi kíní kankan nù ún kó tó di ìgbà yẹn.”

Fọ́tò ọ̀sán dé lọ́jọ́ kejì. Lára mẹ́tàlá nínú àwọn pupa gígùn, ìlà wẹ́wẹ́ ń lọ láti ihò dé ihò, ojú ihò wọn sì ti jẹ, ó tẹ́ jù lápá kan níbi tí okùn ti ń fà á. Mẹ́ta tó kù dán láìsí ìlà rárá. Wọ́n tẹ̀ bí àwọn yòókù, ṣùgbọ́n méjì nínú wọn tẹ̀ síbi kan náà, wọ́n sì ní ihò kékeré níbi kan náà. Ìbejì ni wọ́n. Ojú ihò wọn kò jẹ rárá, èyí tó fi hàn pé wọn kò tíì pẹ́ lórí okùn náà. Èyí wọ́pọ̀ gan-an: nígbà tí okùn bá já tí iyùn mélòó kan sì sọnù, ẹni tó tún un sín á ra ohun tó jọ ọ́ lọ́jà láti fi dí àyè. Ẹ̀tàn kọ́ ni, àtúnṣe ni.

Àwọn róbótó mẹ́fà ní òrùka funfun lójú ihò méjèèjì. Ọ̀kan sán létí, ibi tó sán sì kó sínú, ó ń dán. Gíláàsì alárìín-funfun ni wọ́n. Wọn kì í ṣe iyùn, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ohun tí a ń jù nù. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti wà lórí okùn náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àwọn òféèfèé mẹ́ta kò ní ìkúùkù kankan nínú. Níbi tí wọ́n ti ń ha ara wọn, òféèfèé tó mọ́ yọ lábẹ́ ara tó pọ́n. Ọmọ náà bẹ àǹtí rẹ̀ pé kí ó yọ ọ̀kan nígbà tí wọ́n bá ń tún okùn náà sín, kí ó gbé e sínú omi iyọ̀. Fọ́tò ife náà dé: ìlẹ̀kẹ̀ náà wà ní ìsàlẹ̀. Rọ́bà líle àtijọ́ ni, kì í ṣe áńbà.

Iṣẹ́ kan ṣẹ́kù lórí àwọn mẹ́tàlá. Ìlà wọn wẹ́wẹ́, ìyẹn sì dára, ṣùgbọ́n fọ́tò ò lè sọ bóyá aró wà nínú wọn. Ọmọ náà ní kí àǹtí rẹ̀ fi òwú díẹ̀ kan omi tí wọ́n fi ń nu kútẹ́ẹ̀sì, kí ó fi kan inú etí ihò ọ̀kan nínú àwọn mẹ́tàlá yẹn nìkan, kí ó sì ya òwú náà. Òwú funfun ni kó padà jẹ́. Bí ó bá pọ́n, aró wà nínú rẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ gbé e súnmọ́ àwọn mẹ́ta tó jẹ́ rọ́bà, torí pé omi yẹn lè yọ́ ara wọn. Òwú náà kò pọ́n.

Ohun tó kọ ránṣẹ́ nìyí: iyùn mẹ́tàlá, ó dá a lójú dé ibi tí fọ́tò lè dé, rọ́bà ìgbàlódé mẹ́ta tí wọ́n fi dí àyè, gíláàsì mẹ́fà, rọ́bà líle àtijọ́ mẹ́ta. Kò sọ pé ìlẹ̀kẹ̀ náà jẹ́ ojúlówó tàbí ayédèrú lápapọ̀, nítorí pé irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ kò bá ìlẹ̀kẹ̀ àjogúnbá mu. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni a ń dájọ́ wọn.

Ibi tí fọ́tò dúró sí

Àwọn nǹkan kan wà tí fọ́tò kò lè sọ láéláé. Kò lè sọ bóyá wọ́n ti fi oje rọ́bà dí ihò ara iyùn kí wọ́n tó dán an. Kò lè sọ bóyá áńbà kan jẹ́ odidi tàbí àfọ́kù tí wọ́n yọ́ pọ̀. Pupa mìíràn sì wà tí kì í ṣe ọ̀kankan nínú mẹ́rin tí a ń sọ: lántànà, òkúta pupa tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ Ìlọrin ń gbẹ́ láyé àtijọ́. Kò ní ìlà ẹ̀ka, kò ní afẹ́fẹ́, ó sì wúwo. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lè sọ pé gíláàsì ni, kí ó sì ta ohun iyebíye ẹbí rẹ̀ ní owó kékeré.

Àyẹ̀wò mẹ́ta wà tí ẹ kò gbọ́dọ̀ gbà kí ẹnikẹ́ni ṣe lára ìlẹ̀kẹ̀ àgbà. Ọ̀kan ni fífi abẹ́rẹ́ gbígbóná gún un. Ó ń ba áńbà àti rọ́bà jẹ́ bákan náà, ihò rẹ̀ kì í sì í dí mọ́. Èkejì ni kíkán ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí fínígà sí iyùn. Òótọ́ ni pé iyùn á hó, ṣùgbọ́n ó ń hó nítorí pé ara rẹ̀ ń jẹ ni, dídán rẹ̀ á sì lọ. Karawun tí wọ́n pa láró náà á hó, nítorí náà ẹ ó ba iyùn jẹ́ láìrí ìdáhùn. Ẹ̀kẹta ni fífi eyín họ ọ́ kí a lè gbọ́ bóyá ó ń dún. Ó ń fi àmì sí áńbà lára, kò sì lè ya iyùn kúrò lára gíláàsì.

Bí owó tó wà lórí ìlẹ̀kẹ̀ bá pọ̀ tó láti fa ìjà, tàbí tí ẹbí bá fẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé ìhágún, ilé àyẹ̀wò òkúta iyebíye ni ó kù. Wọ́n ní ẹ̀rọ tó ń tan ìmọ́lẹ̀ sí ìlẹ̀kẹ̀, tó sì ń ka ìdáhùn tí ara rẹ̀ fi padà, láìgé e, láìha á. Ẹ̀rọ náà lè sọ bóyá pupa iyùn jẹ́ ti òkun tàbí ti aró.

Fún ẹni tó ń rà láti orí fóònù, ìlànà náà kúrú. Ẹ béèrè ojú ihò, ẹ béèrè ìlẹ̀kẹ̀ tó bà jẹ́ jù, ẹ béèrè fọ́tò òṣùwọ̀n, kí ẹ sì ka ìlẹ̀kẹ̀ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ní iyùn gidi lọ́wọ́ lè ya gbogbo rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí ó bá kọ̀ láti ya ojú ihò, tó ń fi fọ́tò ìyàwó tó wọ ìlẹ̀kẹ̀ náà ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ san owó rọ́bà fún un, tàbí kí ẹ má rà á.